Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Tọrọ Fìríìjì Àjẹsára

Mo ti kọ ìdajì orúkọ mi kí n tó ka gbólóhùn náà. Mo dá bírò dúró.

"Ta ló kọ èyí?"

Dàmọ́lá na ọrùn wò ó. Òun ló tẹ ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà ní Inísà. Ọmọ abúlé wa ni, ó ti jáde yunifásítì, kò tíì ríṣẹ́.

"Èwo nínú rẹ̀, Bàbá?"

"Èyí tó ní ilé ìwòsàn wa kò fi ìgò àjẹsára kankan ṣòfò rí."

Ó wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo fèrèsé.

Ilé ìwòsàn Ìdí-Ọsàn la wà, láàárín Inísà àti Òkukù. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ìyá ń jókòó sí. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o. Mofolúwakẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Nọ́ọ̀sì, ni olórí rẹ̀. Àjọ kan ní Òṣogbo fẹ́ fún àwọn ilé ìwòsàn abúlé ní fìríìjì àjẹsára tó ń lo oòrùn. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ yóò kọ ìpínrọ̀ kan: ìdí tó fi nílò rẹ̀, àti ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde. Olórí ilé ìwòsàn yóò fọwọ́ sí i, alága yóò fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbà á. Ọjọ́ Ajé la wà.

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, Bàbá," Dàmọ́lá wí. "Ta ló máa fún ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò ní nǹkan?"

"Mo gbọ́. Òótọ́ ni?"

Mo yíjú sí Nọ́ọ̀sì.

"Òótọ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká yọ gbólóhùn yẹn kúrò, Bàbá Alága."

"Mi ò ní ká yọ ọ́. Mo bèèrè bóyá òótọ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Mo fi bírò sílẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ń fún ọkọ̀ ojú irin lọ́nà ní Òkukù. A kì í fún ọkọ̀ lọ́nà nítorí pé ẹnì kan bẹ̀ wá.

"Ka ìyókù sí mi létí," mo sọ fún Dàmọ́lá.

Ó wú ikọ́. "'Lójoojúmọ́ ni ikú ń gbá àwọn ìkókó wa lọ, bí ìjì ṣe ń gbá ewé gbígbẹ...'"

"Ta ló kú?"

"Sà?"

"Lánàá. Ta ló kú?"

"Bàbá, ó máa ń wọ̀ wọ́n lára ni."

"Mo ní ọmọ ta ni?"

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé e mì.

"Ẹ tún un kọ," mo wí. "Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa padà wá."

Ohun tí gbogbo abúlé mọ̀ nìyí. A kò ní fìríìjì. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nọ́ọ̀sì ń gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kó àjẹsára sí. Wọ́n ń kó ìgò fún un sínú àpótí aláwọ̀ búlúù, wọ́n á to páàkì yìnyín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dá ìgò tí kò ṣí padà ní ìrọ̀lẹ́. Ìgò abẹ́rẹ́ àrùn ìta kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Tí wọ́n bá ti pò ó, tó bá ju wákàtí mẹ́fà lọ, dídànù ni. Nítorí náà kì í ṣí i fún ọmọ kan ṣoṣo. Á ní kí ìyá ọmọ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ìyá ò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó wà ní abà kì í sì í jáde àfi lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà wa, ọjọ́ méje méje ni àjẹsára. Wọn kì í sábà pàdé.

Ohun tí abúlé ń sọ lábẹ́lẹ̀ sì nìyí. Nígbà òjò, Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn ìyá wá lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́rú ni ọjà bọ́ sí. Wọ́n wá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé àpótí dé, kò fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ kan, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹnì kan ti rí i pẹ̀lú àpótí náà ní Ìkìrun. Òkukù wà lápá ọ̀hún, Ìkìrun wà lápá ìhín. Ìjọba ìbílẹ̀ wa kọ́ ni Ìkìrun. Àwọn ènìyàn so méjèèjì pọ̀. Èmi ò tíì so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Ìyá Tìmílẹ́yìn nídìí àgbàdà gàrí. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá padà.

"Bàbá Alága, ẹ kú àárọ̀. Ẹ máa bọ̀ lápá ibí, èéfín."

"Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì dá yín padà. Kí lo rí?"

Kò dáwọ́ dúró. "Ó ṣí àpótí. Ó mú ìgò kan, ó gbé e sí imú. Ó mì ín, ó gbé e kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó mú òmíràn, ó mì ín. Ó pa àpótí dé. Ó ní kò dára mọ́, ká máa lọ sílé."

"Kí ló ní ó bà á jẹ́?"

"Kò sọ. Omi ló wà nínú ìgò lójú tèmi. Omi náà sì ń bàjẹ́ ni?"

"Kí lo rò?"

"Kí ni mo rò?" Ó da gàrí sínú ọpọ́n. "Ẹni tó ti ta ẹran tán náà ló máa ń ní ẹran ti bàjẹ́."

"O rí i kó tà á?"

"Bàbá, tí mo bá rí i, ṣé màá dúró kí ẹ tó wá bi mí ni?"

"Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ti gba tiẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ará abà ni kò padà wá. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọjà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹni tó ń fi ìgò ṣeré."

Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ sí oríta. Bọ́lájí ọlọ́kadà ń fi aṣọ nu alùpùpù rẹ̀.

"Bọ́lájí. Ìwọ lo gbé Nọ́ọ̀sì lọ sí Ìkìrun nígbà òjò."

"Mi ò rántí, Bàbá."

"O rántí."

Ó nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ ò ní fẹ́ kí n rántí."

"Sọ̀rọ̀."

"Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Dúródọlá ni mo gbé e lọ."

Ọmọ mi ni Dúródọlá. Ẹja dídì ló ń tà ní Ìkìrun.

"Ó gbé àpótí wọlé," Bọ́lájí wí. "Ó jáde láìgbé àpótí. Mi ò rí nǹkan kan mìíràn o. Ẹ má ní èmi ni mo sọ fún yín."

"Ta ni kí n ní ó sọ?"

"Ẹ ní ẹ lá a lálàá."

Mo ní kó gbé mi lọ. Nígbà tí a kọjá Inísà, mo ti ń ronú ohun tí mi ò fẹ́ rò. Ọmọ mi ní fìrísà mẹ́ta. Ó mọ oníbàárà ní gbogbo ìgboro Ìkìrun. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ohun tí yóò tà, ibi tí yóò gbé e sí nìyẹn.

Ó ń fi àdá la ẹja kòtẹ̀ dídì nígbà tí mo dé. Obìnrin kan dúró tì í pẹ̀lú ike.

"Bàbá mi! Ẹ ò pè kí ẹ tó máa bọ̀?"

"Kí ni Nọ́ọ̀sì gbé sọ́dọ̀ rẹ nígbà òjò?"

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Nọ́ọ̀sì mélòó lo mọ̀?"

Obìnrin oníke wo èmi, ó wo òun. "Àǹtí, ẹ wọn tèmi ná kí ẹ tó lọ jẹ́jọ́."

Dúródọlá wọ̀n ọ́n fún un. Ó kó o sí i ju bó ṣe yẹ lọ kó lè tètè lọ. Obìnrin náà ò tètè lọ. Ìgbà tó lọ tán, Dúródọlá nu ọwọ́.

"Ó ti wá fẹjọ́ sùn, àbí?"

"Kò sọ nǹkan kan."

Ó jókòó. Ó jọ pé èyí ló dùn ún jù.

"Afárá kékeré ọ̀nà Òkukù ni òjò gbé lọ lọ́jọ́ náà," ó wí. "Nọ́ọ̀sì ò ríbi gbà dá àpótí padà, ló bá ní kí àwọn ìyá wá lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ọjà. Ó wá iná dé Inísà, iná ò sí. Ó rántí pé mo ní jẹnẹrétọ̀. Ó ní kí n bá òun kó o sí fìríìjì tí mo fi ń ta omi àti mínírà. Ó ní kì í ṣe fìrísà o. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìwọ wá ṣe kí ni?"

"Mo kó o sí fìríìjì. Nígbà tí mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, mo wo epo jẹnẹrétọ̀, mo rí i pé kò ní tó títí di àárọ̀. Fìríìjì omi kì í pẹ́ gbóná, Bàbá. Ẹja dídì ló máa ń di òtútù mú. Mo ní tí nǹkan ìjọba bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ni màá wí? Mo kó o sáàárín ẹja."

"Sáàárín ẹja."

"Mo fi ọ̀rá méjì wé e!"

Mo wo àwọn fìrísà náà.

"Ohun tó bá dì kì í bàjẹ́," ó wí. "Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Báwo ni kí n ṣe mọ̀ pé ohun kan wà lábẹ́ ọ̀run tí òtútù ń pa?"

"Nígbà tó wá gbà á ńkọ́?"

"Mo ti tètè kó o jáde, mo ti tò ó padà sínú àpótí. Ó ti yọ́. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò ṣe bó ṣe wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ó dúpẹ́, ó gbé e lọ bá àwọn ọlọ́mọ. Ọ̀sán ló pè mí. Ó ní, 'Àǹtí, ìgò mi ń rùn ẹja.'"

Ó bojú wo ilẹ̀.

"Ni mo bá jẹ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún yín. Ó ní òun ò ní sọ, tí ẹnikẹ́ni ò bá bi òun."

"Kò tà á?"

"Ta ni ì bá ra abẹ́rẹ́ tó ń rùn kòtẹ̀?"

Mo dìde. Mo ṣí fìrísà kìn-ín-ní. Mo ṣí èkejì. Mo ṣí ẹ̀kẹta.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?"

"Mò ń wò."

Ẹja ló wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì ti jókòó kí n tó dé ilé ìwòsàn. Dàmọ́lá ti tẹ ìwé tuntun. Ó ti yọ gbólóhùn náà kúrò. Ìjì àti ewé gbígbẹ ṣì wà níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," mo wí, "ìgò rẹ ń rùn ẹja."

Ó di orí mú. Dàmọ́lá wo imú mi, ó wo àpótí búlúù, kò yé e. A sọ ọ́ fún un.

"Gbogbo rẹ̀ ni mo dá padà sí Òkukù," Nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò da ẹyọ kan nù fúnra mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dì. Wọ́n rò pé páàkì yìnyín ni mo gbé sí i láìjẹ́ kó kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

"O jẹ́ kí wọ́n rò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Àwọn ìyá ńkọ́?"

"Mo sọ fún wọn pé kò dára mọ́. Tí mo bá fún wọn, abẹ́rẹ́ a wọlé, ọmọ á ké, ìyá á lọ sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, ọmọ ò sì ní ní ààbò kankan. Ìyẹn burú ju kí n dá wọn padà lọ."

Mi ò tíì gbà á gbọ́ tán. "Mì ín kí n rí i."

Ó lọ mú ìgò mìíràn tó ti dì rí, tí wọ́n fún un ní Òkukù láti fi kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí wọ́n ti kọ 'kò ṣeé lò' sí lára. Ó mì ín, ó gbé e sórí tábìlì. Ìgbà tí mo fi wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohun funfun inú rẹ̀ ti ń já bọ́ sísàlẹ̀ ní wẹ́wẹ́, bí èkuru tó bọ́ sínú omi. Òkè rẹ̀ mọ́ gaara.

"Èyí tó dára máa ń pẹ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀," ó wí. "Tó bá ti dì rí, kò lè pò mọ́."

"Kọ ọ́," mo sọ fún Dàmọ́lá.

"Kọ kí ni, Bàbá?"

"Afárá. Fìrísà. Ẹja."

"Háà! Bàbá, wọ́n á ní a ò mọ nǹkan tọ́jú. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀."

"Ta ni kò ní fìríìjì?"

"Àwa."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ nítorí pé a ò ní in?"

Ó wo ìgò náà.

"Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ lo wá ń gbá ewé kiri."

Nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ yí ìgò náà po lórí tábìlì. "Bí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n á fún mi ní kúérì kí n wá wí tẹnu mi," ó wí. "Wọ́n ti kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ gbé àjẹsára sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ. Wọ́n lè gbé mi kúrò níbí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ní ká kọ ọ́."

"Mi ò ní fọwọ́ sí ohun tí kò pé. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ipá mú ọ. Bí o bá ní rárá, kò ní sí ìwé, kò ní sí fìríìjì. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Ọmọ kan ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ́tí sí i títí ó fi dákẹ́.

"Ẹ kọ ọ́," ó wí. "Ẹ má kọ orúkọ Àǹtí Dúródọlá."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi ti wà níbi ìfọwọ́sí."

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún wọn ní Òkukù fúnra rẹ̀, kí ìwé náà tó jáde. Ó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bọ́lájí gbé e, mo sì bi Bọ́lájí bóyá ó dé ibẹ̀. Ó dé ibẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni Dàmọ́lá fi kọ ìpínrọ̀ náà. Ohun tó sọ ní èdè wa nìyí:

"Ilé ìwòsàn Ìdí-Ọsàn kò ní fìríìjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni a ń fún ọmọ ní àjẹsára, nítorí pé Òkukù ni a ti ń gbà á láàárọ̀, a sì gbọ́dọ̀ dá èyí tí a kò ṣí padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ ọjà nìkan ni àwọn ìyá tó wà ní abà ń jáde, ọjà kì í sì í sábà bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, mẹ́rin ni kò gba abẹ́rẹ́ kẹta. Nígbà òjò, afárá já, a kò lè dá àjẹsára padà. A gbé e sí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan, ó dì nínú fìrísà, ó bàjẹ́, àwọn ọmọ tó wá lọ́jọ́ kejì padà sílé láìgbà á. Bí a bá rí fìríìjì tó ń lo oòrùn, tó ń di òtútù mú láàárín ìwọ̀n Celsius méjì sí mẹ́jọ, a ó máa fún ọmọ ní àjẹsára lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ ọjà. Ohun tí a ń lépa ni pé, kí ọdún kan tó pé, mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá yóò máa gba abẹ́rẹ́ kẹta. Nọ́ọ̀sì yóò máa wo ìwọ̀n òtútù láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò máa nu páńẹ́lì oòrùn. Oúnjẹ kankan kò ní wọ inú rẹ̀."

"Ó gbẹ o, Bàbá," Dàmọ́lá wí.

"Ẹja gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ sí i.

Oṣù kan kọjá kí àjọ náà tó rán ènìyàn wá. Arábìnrin Adétóun ni wọ́n rán, obìnrin kúkúrú kan tó ń wo ohun gbogbo bí ẹni tí wọ́n ti jà lólè rí. Kò jókòó. Ó wo òrùlé. Ó wo igi ọsàn ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Igi yìí máa ṣíji bo páńẹ́lì."

"A ó gé ẹ̀ka rẹ̀," mo wí.

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó yọ ìwé wa jáde nínú báàgì. "Ta ni ẹlẹ́ja yìí?"

Nọ́ọ̀sì ti ya ẹnu.

"Ọmọ mi ni," mo wí.

Ó gbójú sókè. "Ọmọ yín. Kí ló máa jẹ́ kí n gbà pé ọmọ yín ò ní kó ẹja sínú fìríìjì wa?"

"Ìkìrun ló wà. Ó ní fìrísà mẹ́ta."

Kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ní àwọn ò fi nǹkan kan ṣòfò rí. Mi ò gbà wọ́n gbọ́."

"Ẹ gba tiwa gbọ́?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí wọ́n mú òun lọ wo afárá, tí wọ́n ti tún ṣe. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Òkukù, ó lọ bèèrè ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà ì bá lọ.

A gé ẹ̀ka igi ní ọ̀sẹ̀ náà, láìdúró de èsì.

Kúérì ló kọ́kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì dáhùn rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un, wọn ò gbé e kúrò. Ní Ìkìrun, ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àwọn oníbàárà sì ń bi Dúródọlá bóyá kòtẹ̀ rẹ̀ ti gba àjẹsára. Kò pè mí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó pè, ọ̀rọ̀ ọjà ló bá mi sọ.

Fìríìjì dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fi ọjọ́ mélòó kan wo ìwọ̀n òtútù rẹ̀ lófìfo kí wọ́n tó kó ìgò kan sínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́rùn. Mo máa ń wọlé láàárọ̀, mo máa ń ka ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ láìṣí i, mo sì máa ń gbóòórùn yàrá náà.

Ní ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, àwọn ìyá díẹ̀ ló yà wá pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì mì ín kí àwọn rí i. Ó mì ín fún wọn. Nígbà ọjà kẹta, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nísinsìnyí wọ́n ń wá láti gbogbo abà tó wà lápá ọ̀nà rélùwéè.

Abà kan ló kù, lódìkejì odò Ọ̀tìn, tí ìyá kankan kò tíì ti ibẹ̀ wá; wọn ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí a dá wọn padà.